Owó Ìjáde Tí Wọ́n Bù Lé Aránṣọ Lórí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Aránṣọ jẹ́, ẹ wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ránṣọ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, yàrá tóóró kan tí àkísà aṣọ kún ilẹ̀ rẹ̀, tí oníbàárà kò rí ibi jókòó sí bí kò ṣe orí bẹ́ẹ̀dì Ìbídùn, ọmọ wọn obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ. Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá bú u, á kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ lẹnu wà fún. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni, Kò-Gbà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ẹ máa sọ tó máa gbà. Ó ti bá onílé jà, ó ti bá ẹni tó ń pín lẹ́tà jà, ó sì bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ jà níbi ìsìnkú, níwájú òkú. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí kò rẹ́ni bú, ara rẹ̀ kì í yá.

Ṣọ́ọ̀bù ni Aránṣọ ń wá. Ó rí ọ̀kan tó kọjú sí ibùdókọ̀, ó ní gíláàsì níwájú, ó sì ní yàrá kékeré tí oníbàárà ti lè wọ aṣọ wò. Ó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà débi pé ó ti wọn fèrèsé rẹ̀ fún aṣọ tó máa ta sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣojú onílé ní òun máa kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ wò bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá gbèsè níbẹ̀.

"Màdáámù, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní ẹ jẹ àwọn lówó. Ẹ lọ yanjú ẹ̀. Mo fún yín di òpin oṣù yìí. Ẹlòmíì ti ń bẹ̀ mí fún ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Aránṣọ délé, ó wo ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, orí rẹ̀ fò lọ. Owó náà tó ìdajì ohun tó ti kó jọ fún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó jáde kí àdéhùn tó pé, nítorí náà, kó san owó ìjáde.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀: orúkọ Aránṣọ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, torí òun ló ń lò ó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn máa ń dúró níwájú fóònù wọn, òun á sì máa sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa wọn èjìká àti ìbàdí. Àdéhùn ọdún méjì ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé owó oṣooṣù kò ní yí padà títí àdéhùn máa fi pé. Ọdún kan àti díẹ̀ ni wọ́n lò nínú ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ pé àwọn ti fowó kún un, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó sọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kó máa lọ láìsan nǹkan kan. Aṣọ ìgbéyàwó wà lábẹ́ ẹ̀rọ Aránṣọ lọ́jọ́ náà. Ó gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun pè wọ́n, kí àwọn wá ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ dínkù. Kò-Gbà gbà á tayọ̀tayọ̀. Ta ló máa fún ológbò lẹ́ran tí kò ní jẹ ẹ́?

Ó pè wọ́n, ó pariwo, ó já fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí báǹkì, ó ní kí wọ́n má san owó kankan fún wọn mọ́, ó sì wálé wí pé òun ti parí ẹ̀. Kò parí nǹkan kan o. Ẹni tó bá dá owó dúró ní báǹkì kò tíì jáde nínú àdéhùn, gbèsè ló ń kó jọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun kò tíì dé, ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, títí wọ́n fi gé e fún àìsanwó. Àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn pe Aránṣọ títí, wọn kò rí i, méjì nínú wọn sì wá aránṣọ mìíràn lọ.

Lẹ́yìn tó rí ìwé owó náà, Aránṣọ fúnra rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ ní ẹ fẹ́ jáde. Ohun tó wà níbí ni pé ẹnì kan pè láti fẹjọ́ sùn, fóònù sì já. Ẹ sanwó yín, màdáámù."

"Ọkọ mi ló pè. Ó sọ fún yín."

"Ẹ̀yin lẹ ní àkáǹtì, ọkọ yín kọ́."

"Èmi fúnra mi ni mo fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín pé ó lè bá yín sọ̀rọ̀ nítorí tèmi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i, kò sì tọrọ gáfárà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀rí dà?

Àbúrò Aránṣọ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn onígbèsè nímọ̀ràn. Ó wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì inú yàrá ìránṣọ, ó ka ìwé owó náà, ó pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, olè ni wọ́n. Ẹ wò ó. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù nínú àdéhùn yín lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, wọ́n ka mẹ́wàá. Owó tuntun ni wọ́n fi ṣírò, dípò èyí tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí. Wọn ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Tẹ́ ò bá lo íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ó níye tí wọn ò ní ná lórí yín mọ́. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Owó ìjáde kì í ṣe ìjìyà, ohun tí wọ́n pàdánù gan-an ni wọ́n lè gbà."

"Ṣé kí n san èyí tó tọ́ nínú ẹ̀, kí n lè gba ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ẹ má tíì san nǹkan kan. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí ni owó máa fi lọ sókè, ẹ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní yí padà, wọ́n sì yí i. Bí ọkọ yín bá sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ jáde, tí ọgbọ̀n ọjọ́ ò sì tíì pé, ẹ ò jẹ wọ́n lówó ìjáde kankan. Wọ́n máa ń gba ohùn ẹni tó bá pè wọ́n sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó o wá, ẹ̀tọ́ yín ni."

Kò-Gbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ohùn ta ni ẹ fẹ́ gbà? Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló pè ọ́ sílé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Mo ti ní mo sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tèmi ò tó ni? Ẹ sanwó yẹn, ká gbàgbé ẹ̀."

Kò-Gbà, tí kì í san owó mọ́tò láìjà, ló ní kí wọ́n sanwó. Àbúrò gbójú sókè, ó wò ó fúngbà díẹ̀. Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Owó ta ni wọ́n máa fi san án, Bàbá Ìbídùn? Ṣé tiyín ni?"

Ó bú àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó bú ilé-iṣẹ́ náà, ó jáde.

Oṣù ti dé ìdajì kí ohùn náà tó dé. Àbúrò so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde, nínú pálọ̀. Kò-Gbà jókòó, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe bú wọn. Irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rù ló bà á láti má sí níbẹ̀.

Ohùn ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ jáde, ó sọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀, ó sì béèrè àwọn ìbéèrè tó fi mọ̀ pé Kò-Gbà ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sáàárín ọgbọ̀n ọjọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Kò-Gbà bẹ̀rẹ̀. Èébú tó kọ́kọ́ bú ọmọ ọlọ́mọ, n kò ní kọ ọ́ síbí.

"Sà, ṣé ẹ fẹ́ ká fòpin sí àdéhùn yìí nítorí owó tá a fi kún un?"

"Kí lo rò pé mo ń sọ látàárọ̀? Nítorí ẹ̀ ni. Ẹ gé e."

Àbúrò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Aránṣọ dì í lọ́wọ́ mú, nítorí ọmọbìnrin inú ẹ̀rọ náà kò tíì dákẹ́.

"Sà, mo rí i níbí pé wọ́n ń lò ó gan-an. Bóyá kẹ́ ẹ dúró títí ilé-iṣẹ́ míì á fi so tiwọn, kí iṣẹ́ ìyàwó yín má baà dúró."

"Tuntun wo? Kò sí tuntun tí mo fẹ́ so. Ẹ gé e lónìí. Jẹ́ kí àwọn oníbàárà ẹ̀ wá a tì. Ó ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò máa bọ̀ wálé wá bá? Ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

Fóònù já.

Wọ́n máa ń ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ni, kò sì tíì wọ̀ mí lára rí bíi ti ọjọ́ náà, nítorí ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Kò-Gbà ń wo ilẹ̀. Ó ní ìbínú ló sọ ọ́, pé ẹnu òun ni, pé ta ni kò mọ ẹnu òun. Gbogbo ogún ọdún tí Aránṣọ fi ń làágùn lẹ́yìn ilé, tó rò pé ọkọ òun kàn lẹ́nu burúkú ni, kò mọ̀ pé ọkọ náà ń rò ó láti dá òun dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, "ká tó lè fi ohùn yìí jà, wọ́n máa gbọ́ gbogbo ẹ̀. A ò lè gé apá kan sọnù."

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

"Ìwọ obìnrin yìí," Kò-Gbà ní, "o fẹ́ dójú tì mí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," Aránṣọ ní.

Wọ́n kọ ẹ̀sùn wọn sílẹ̀, wọ́n tọ́ka sí ibi tó ti ní kí wọ́n gé e. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní àwọn máa gba ìdajì. Àbúrò ní kí Aránṣọ má gbà, kó béèrè fún èsì ìkẹyìn wọn lórí ìwé, èyí tó lè gbé lọ bá àwọn tó ń dá ẹjọ́ àárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ láìgbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ara wọn wálẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ tí oṣù máa parí, fóònù dún nígbà tí Aránṣọ ń jẹun. Ó tan ohùn fóònù náà sí gbangba kó lè máa jẹun lọ. Kò-Gbà jókòó sí òdìkejì tábìlì.

Obìnrin kan ló pè. Ó ní àwọn ti pa owó ìjáde náà rẹ́ pátápátá, owó lílò títí di ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ pè nìkan ló kù kó san, kò sì tó nǹkan. Ó ní àwọn máa yọ gbèsè náà kúrò lórí orúkọ rẹ̀, ìwé tó máa mú lọ fún aṣojú onílé sì ti wà lójú ọ̀nà.

"Ẹ ṣeun," Aránṣọ ní. "Ìwé yẹn, ẹ má fi ránṣẹ́ síbí. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ibẹ̀ ni mò ń gbé láti ọ̀la."