Oníbúrẹ́dì Inú Ìbéèrè Kẹta

Ìyá Ìyàngbò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ òfin àdéhùn náà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀. Àwọn kan rò pé èébú ni. Kì í ṣe èébú rárá. Ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì lọ́dún ló máa ń sọ fún wọn pé oníbàárà tó bá jókòó níwájú agbẹjọ́rò kì í gbé ọkà nìkan wá. Á kó ọkà, á kó ìyàngbò, á tún da òkúta díẹ̀ mọ́ ọn. Á sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà, á sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kọ̀ tí kò jẹun, ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ wà gan-an ni yóò fi sáàárín bí ẹni pé kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

"Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ fẹ́ ẹ," ni yóò wí. "Agbẹjọ́rò tí kò bá lè fẹ́ ọkà, ìyàngbò ni yóò máa rò lẹ́jọ́."

Nítorí náà, ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìlà méjì. Ìtàn ni. Egungun ló máa ń kọ́kọ́ tò: ẹni tó fẹ́ ta nǹkan, ẹni tó fẹ́ rà á, ọjọ́ tí lẹ́tà jáde, ọjọ́ tó dé ọwọ́ onílẹ́tà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òfin tó so mọ́ ọn, òfin kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá fi ẹran bò ó. Ìyàngbò tó bá jọ ìyàngbò kò wúlò fún un. Ọmọdé á rí i, á gbé e dànù. Ó gbọ́dọ̀ dán bí ọkà. Bó bá sì kọ gbólóhùn kan tán, yóò gbé gègé sílẹ̀, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí mo bá yọ èyí kúrò, ṣé ìdáhùn yóò yí padà? Bí kò bá yí padà, ìyàngbò ni, ó lè dúró. Bó bá yí padà, ó ti di ọkà nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ gba máàkì.

Kò sí gbólóhùn tí kì í bi léèrè bẹ́ẹ̀. Àfi ẹyọ kan lọ́dún tí à ń wí yìí.

Ìbéèrè kẹta ni. Káfíńtà kan kọ̀wé sí télọ̀ kan lọ́jọ́ Ajé, ó fi ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní tà á fún ẹlòmíràn títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ó fi lẹ́tà dá òun lóhùn. Télọ̀ kò san kọ́bọ̀ nítorí ìlérí yìí, òfin sì gbà pé irú ìlérí ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò de káfíńtà. Ó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí télọ̀ tó gbà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, káfíńtà ta ẹ̀rọ náà fún onígbàjámọ̀, ó sì kọ lẹ́tà sí télọ̀ pé òun ò tà mọ́. Lẹ́tà yẹn kò dé títí di Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, télọ̀ ti ju lẹ́tà tirẹ̀ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ pé òun gbà.

Òfin ibẹ̀ ò ta kókó. Ẹni tó bá fi lẹ́tà gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, níbi tí lẹ́tà bá ti tọ́, ìgbà tó ju lẹ́tà sílé ìfìwéránṣẹ́ ni àdéhùn ti so. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà ní tirẹ̀, àfi kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹnì kejì kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Télọ̀ ló jàre. Bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìfúnnimáàkì nìyẹn, ó pa gègé dé, ó gbé e fún Bàbá Olùyẹ̀wò.

Bàbá Olùyẹ̀wò ló kọ́ ọ lófin nígbà tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni ó ń yẹ ìbéèrè gbogbo wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ìbéèrè kẹta, ó yọ gíláàsì ojú.

"Ìyàngbò inú èyí ti kéré jù. Àbí o ti ń dàgbà ni? Fi aládùúgbò kan sí i. Kò sí ìtàn láyé tí aládùúgbò kì í sí níbẹ̀."

Akọ̀wé ìdánwò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Kíá ni olùkọ́ fi oníbúrẹ́dì kan kún un. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nídìí ẹ̀rọ omi, oníbúrẹ́dì sọ fún télọ̀ pé òun fojú ara òun rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ń gbé ẹ̀rọ káfíńtà sínú ọkọ̀, àti pé wọ́n ti rà á ni. Ó tún fi kún un pé oníbúrẹ́dì yìí kan náà ló ti sọ káàkiri àdúgbò rí pé télọ̀ ti kú, nígbà tó kàn rìnrìn àjò lásán. Bàbá ka ibi tí wọ́n ti ní télọ̀ kú, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbé e lọ.

Ọjọ́ ìdánwò wá dé. Nǹkan ti le ní ẹ̀ka náà láti èṣí, nítorí ìbéèrè olùkọ́ kan tí kò ní ìdáhùn. Wọ́n fagi lé ìdánwò náà, àwọn ọmọ tó ti kó ẹrù lọ sílé padà wá tún un kọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olùkọ́ ọ̀hún. Àwọn ọmọ tó wà ní gbọ̀ngàn yìí, ìdánwò tí wọn yóò fi jáde nìyí.

Ìyá Ìyàngbò ń rìn láàárín ìjókòó, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dé ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì, ó rí i pé ó ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín nínú. Ó ti jẹ ìyàngbò, ó wí lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ohun tí ọmọ náà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà: *Ta ló pọn dandan kó sọ fún un?*

Ó tún un kà.

Kò pọn dandan kó jẹ́ káfíńtà. Òun gan-an ló kọ́ wọn. Bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan lọ̀ bá ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣeé gbàgbọ́ pé wọ́n ti ta nǹkan náà fún ẹlòmíràn, ó ti mọ̀ nìyẹn, kò lè sọ pé òun gbà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni télọ̀ ju lẹ́tà. Bí wọ́n bá yọ oníbúrẹ́dì kúrò, télọ̀ jàre. Bí oníbúrẹ́dì bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí télọ̀ jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìfúnnimáàkì kò dárúkọ oníbúrẹ́dì rárá. Ọmọ tó ronú jù yóò pàdánù máàkì; èyí tó fò ó kọjá yóò gba gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kò sí ohun tó lè sọ nínú gbọ̀ngàn. Ó bẹ olùṣọ́ ìdánwò kejì pé kó bá òun mójú tó wọn, ó mú ìwé ìbéèrè kan tó ṣẹ́ kù, ó sì forí lé ọ́fíìsì Bàbá Olùyẹ̀wò. Bàbá ń bó ẹ̀pà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti dáràn."

"Ta lo pa?"

"Oníbúrẹ́dì ni, sà."

"Mo rò pé télọ̀ ni oníbúrẹ́dì sọ pé ó kú."

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bàbá jẹ ẹ̀pà tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó gbọn ọwọ́.

"Èmi ni mo ní kí o fi aládùúgbò sí i. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ń na ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tẹ́ ẹní méjì." Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó tún fa ọwọ́ padà. "Ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi. Kí lo ní kí wọ́n ṣe?"

Olùkọ́ ti kọ ìlà náà lónírúurú ọ̀nà. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó kọ ni pé: *Ṣàlàyé ìdí tí àdéhùn fi wà láàárín wọn.* Bó bá jẹ́ èyí ni wọ́n tẹ̀, ó ti bàjẹ́, nítorí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ tí kò dánilójú. Kò rántí èyí tó fi sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ṣí ojú ewé náà.

"*Gba télọ̀ nímọ̀ràn,*" ló kà.

"Tún un kà."

"*Gba télọ̀ nímọ̀ràn.* Bẹ́ẹ̀ náà ló wà, sà."

"Ó dáa. Jókòó." Bàbá ti àwo ẹ̀pà sí iwájú rẹ̀. "Ṣé oníbúrẹ́dì rí i, àbí wọ́n sọ fún un ni?"

"Ó fojú ara rẹ̀ rí i."

"Ṣé ẹni tó ṣeé gbàgbọ́ ni?"

Olùkọ́ rò ó wò. Oníbúrẹ́dì yìí ló ní ẹni tó rìnrìn àjò ti kú. Apá kan á ní kò ṣeé gbàgbọ́, télọ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má kà á sí. Apá kejì á ní irọ́ àná kò sọ òótọ́ òní di irọ́, nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fi rí i.

"Ẹjọ́ méjèèjì ló dúró," ló wí.

"Nígbà náà kí ló bàjẹ́? Ìbéèrè kò bàjẹ́. Ìwé ìfúnnimáàkì ló kù díẹ̀ káàtó, a kò sì tíì fi máàkì kan ṣoṣo fún ẹnikẹ́ni. Mú gègé."

Wọ́n tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gé lára máàkì òfin lẹ́tà, wọ́n fún oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá rí i, tó sì ṣàlàyé rẹ̀, yóò gba máàkì, ì báà dá télọ̀ láre, ì báà dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò bá rí i, kò ní gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa lẹ́tà kò ní ṣòfò. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, Bàbá sì fi tẹlifóònù pe akọ̀wé ìdánwò pé kó wá gbé tuntun, kó dá ti àtijọ́ padà.

"O mọ̀ pé ìbéèrè yìí ti wá dára ju bó o ṣe fẹ́ ẹ lọ?" ni Bàbá wí.

"Ẹ má yìn mí, sà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Mo mọ̀. Ẹ̀pà yẹn ni mo ń sọ pé kó o jẹ."

Ó jẹ ẹ́. Àṣé ebi ti ń pa á.

Nígbà tó padà dé gbọ̀ngàn, àkókò ti pé, wọ́n ti ń gba ìwé. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń to ìwé ìdáhùn jọ, àwọn ọmọ ń kọjá. Ọmọbìnrin onígíláàsì jáde pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mo gbé," ni onígíláàsì ń wí. "Odindi ojú ewé kan ni mo fi ro ẹjọ́ oníbúrẹ́dì."

"Oníbúrẹ́dì wo? Ìyẹn náà lo kà? Ìyàngbò ni mà. O ò mọ Ìyá Ìyàngbò ni? Mo fò ó bí ẹní fo gọ́tà."

"Ó ti tàn mí pa."

"Ìwọ lo fúnra rẹ tan ara rẹ. Wá, jẹ́ ká lọ jẹun, ọmọ oníbúrẹ́dì."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu olùkọ́ títí dé etí, ṣùgbọ́n òfin ìdánwò kò fún un láyè láti sọ ọ́, òun kọ́ ni yóò sì rú u. Ó di ìwé mú mọ́ra, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ni olùṣọ́ kejì bi í.

"Kò sí nǹkan, àbúrò. Ẹ gbé apá kejì, ó wúwo."