Ogójì Àwòrán Kí Ewúrẹ́ Tó Ké

Jàmàlúdéènì, ọmọ Ìlọrin, gba yàrá tó kángun sí tèmi ní Kakuri, lápá àríwá orílẹ̀-èdè, ní oṣù kẹta ọdún 2021. Èèyàn méjì ló yẹ kó kó wọlé. Òun nìkan ló dé. Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ibà ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan wọlé, tábìlì kan, àga méjì. Mi ò bi í léèrè àga kejì.

Kàtúùnù ni iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán tó ń rìn, tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ọmọdé ni, títí mo fi jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan níbí kí wọ́n tó tì í pa. Òwú là ń kà níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń ka nǹkan bí mo bá rí i.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alaásàrí, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin láti yàrá rẹ̀. Mo rò pé ó ní àlejò. Ṣùgbọ́n obìnrin kankan kò wọlé, obìnrin kankan kò jáde. Ní ọjọ́ kẹrin mo kíyè sí i pé ẹ̀rín kan náà ni. Ó gùn bákan náà, ikọ́ díẹ̀ sì wà ní ìparí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bákan náà lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rín inú fóònù ni.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan nígboro ní kó ṣe kàtúùnù kan wá, oníṣẹ́jú kan. Bó bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, wọn yóò gba mẹ́tàlá irú rẹ̀. Bí kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó tán nìyẹn. Najeeb ni orúkọ ọkùnrin tó ń yan ètò fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fún Jàmàlú láyè. Jàmàlú lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà. Ọjọ́ tó padà lẹ́ẹ̀kejì ló kan ilẹ̀kùn mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Kí ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ ò tíì rí i rí. Ìyẹn ni mo ń wá. Èmi ti wò ó tó igba ìgbà, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí kò rí i rí nìkan ló lè sọ òótọ́ fún mi. Mo sì ti lò wọ́n tán. Sunday onígbàjámọ̀ ti rí i, àwọn ará ilé iwájú ti rí i. Ojú àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ló kù."

"O wá fi mí ṣe ìkẹyìn."

"Ẹ kì í rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ̀rù yín ń bà mí."

Mo lọ wò ó. Bó ṣe rí nìyí. Ewúrẹ́ kan ti ń yọ bálé ilé kan lẹ́nu, ó ń jẹ iṣu rẹ̀. Ọkùnrin náà ra àgádágodo mẹ́ta. Ó fi ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná: kàn, kàn, kàn. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí àpótí, ó sì sọ lédè Hausa pé, kó wá lónìí kí òun rí i. Ewúrẹ́ ké láti inú ilé ìdáná. Ọkùnrin náà fò sókè.

Ó tán. Jàmàlú ń wo ojú mi.

"Bàbá?"

"Mo gbọ́ ewúrẹ́."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ ò rẹ́rìn-ín."

"Ọkùnrin náà ò tíì jókòó dáadáa tó fi ké. Èmi náà ò tíì jókòó."

Ó fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní ohun tí òun ń bá jà nìyẹn. Àgádágodo mẹ́ta ni òun fi tẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà, kí ọkàn èèyàn lè balẹ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì. Ìhàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìdákẹ́ ló yẹ kó tẹ̀ lé ìyẹn, kí ewúrẹ́ tó ké.

"Ìdákẹ́ náà dà?"

"Àwòrán mẹ́wàá ni."

Mo ṣírò rẹ̀. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

"Kò tó."

"Àádọ́ta ni mo fi sí i nígbà àkọ́kọ́, Bàbá. Orí fóònù ni Najeeb ti wò ó. Ọkùnrin náà jókòó gbagidi, nǹkan kan ò mì, kò sí ohùn kankan. Najeeb rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló há. Ó fi ìka tì í kúrò. Ó ní, 'Haba Jamalu, fídíò rẹ ti há.' Kò gbọ́ ewúrẹ́ rárá. Ni mo bá gé e sí mẹ́wàá. Ó gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, 'To, akuya ce. Sai me?'"

Ewúrẹ́ ni, kí ló wá kù. Ojú Jàmàlú pọ́n bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ronú. Mo sọ fún un pé bí ẹ̀rọ ìhunṣọ bá dúró, òwú orí rẹ̀ ṣì máa ń gbọ̀n díẹ̀. Bí o bá rí i tó ń gbọ̀n, o mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, o lè rò pé ó ti bàjẹ́ láti àná.

Ó gbójú sókè. "Àgádágodo ìkẹta," ló wí. "Ó lè máa mì lẹ́yìn tó bá tì í tán."

"Ó lè máa mì."

"Ṣùgbọ́n yóò ti pẹ́ tó? Kò lè jẹ́ mẹ́wàá, kò lè jẹ́ àádọ́ta. Mi ò mọ ìwọ̀n mọ́, Bàbá. Ó ti sọnù lọ́wọ́ mi."

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n fún ọ tẹ́lẹ̀?"

Ó wo fóònù rẹ̀ lórí tábìlì.

"Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lára ògiri," ni mo wí.

Ó mú fóònù náà. Ó ní nígbà tí àwọn ń gbé ní Kabala Doki, bí òun bá parí iṣẹ́ kan, Hàwáwù ni yóò kọ́kọ́ wò ó. Òun á gbé fóònù tì í, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí òun lè mọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín gan-an. Èyí ni ìkẹyìn nínú wọn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín náà jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

"Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ibi ẹ̀rín ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ìdákẹ́ ló wà ṣáájú ẹ̀, Bàbá. Ó ń mí nínú ẹ̀."

Mo na ìka sí fóònù náà. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ìdákẹ́ yẹn lo ń wá."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó lọ síta, ó lọ pọn omi tí kò nílò. Nígbà tó padà, ó jókòó, ó fà á sẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀.

A gbọ́ ohùn kàtúùnù àtijọ́ kan. Ohùn náà parí. Ìdákẹ́ dé. Nínú ìdákẹ́ náà, obìnrin kan fa èémí sínú, ó dá a dúró. Ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

Jàmàlú gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ogójì," ló wí. "Ogójì péré." Ó nu imú rẹ̀. "Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Má fà mí. Jẹ́ kí n débẹ̀ ná.'"

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Àgádágodo ìkẹta mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Ọkùnrin náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí ó má baà dà bí òkú. Orin dákẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí gbogbo ohùn kú: ẹ̀rọ ìlọta kan ń hó lọ́nà jíjìn, kí wọ́n mọ̀ pé fóònù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fi ogójì àwòrán sáàárín ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkùnrin náà àti igbe ewúrẹ́. Ó yọ fífò sókè kúrò. Ojú ọkùnrin náà nìkan ló yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ ò yí. Bẹ́ẹ̀ ló parí.

Ọjọ́ Ajé ni a lọ. Jàmàlú ní kí n tẹ̀ lé òun. Najeeb kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Lẹ́yìn náà ó kojú sí Jàmàlú.

"Mo ti gbọ́ ewúrẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, wallahi. Mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú àwọn ẹlòmíì ni màá wò."

Ó pe òṣìṣẹ́ mẹ́fà wọlé. Maimunah tó ń tẹ̀wé wà níbẹ̀, awakọ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi í sórí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri.

Kàn, kàn, kàn. Ọkùnrin náà jókòó. Ó halẹ̀. Àgádágodo mì, ó dúró.

Jàmàlú kò wo tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Kò sí ẹni tó mira nínú yàrá náà. Mo rí i pé ìdákẹ́ náà gùn jù, mo rò pé a ti pàdánù rẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí Maimunah fa èémí sínú.

Ewúrẹ́ ké.

"Tana ciki!" Maimunah pariwo. Ó ti wà nínú ilé! Awakọ̀ ń fi ọwọ́ lu ògiri. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀. Najeeb wò wọ́n títí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í ṣe nítorí ewúrẹ́, nítorí tiwọn ni.

"Mẹ́tàlá," ló wí fún Jàmàlú. "Lọ ṣe mẹ́tàlá."

Jàmàlú dúpẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kakuri. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ èémí yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ni n kò gbọ́ ẹ̀rín Hàwáwù lára ògiri mọ́. N kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Jàmàlú ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fi yín pamọ́ fún ojú àkọ́kọ́ ni."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí yóò fi pé."

Mo padà sí yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi fi mí pamọ́. Ayọ̀kúnmi ọmọ mi máa ń pè láti Ìbàdàn lọ́jọ́ ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin. Ọjọ́ tó kù, kò sí ẹni tó pè mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó kan ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ wá."

Àga kejì ni mo jókòó lé. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Agboòrùn ni ẹ̀fẹ̀ náà dá lé, pẹ̀lú adìyẹ kan. Mi ò ní sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi húkọ́. Ojú mi ni Jàmàlú ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alaásàrí, mo ń ṣa ìrẹsì. Mo gbọ́ ohùn adìyẹ lára ògiri. Ó dákẹ́. Mo dá ọwọ́ dúró. Jàmàlú kò fò ó. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́ náà pé. Lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, ó sì húkọ́.