Ṣé Bàbá Ti Lo Oògùn Wọn?

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí láti kékeré ni kì í lè fi bírò sílẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ìwé náà ló gbé e sọdá òkun. Àárọ̀ ló ń lọ sí kíláàsì. Tó bá di ọ̀sán, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn kan, á máa ká aṣọ ibùsùn tó ń gbóná jáde láti inú ẹ̀rọ.

Ẹ má pè é ní ọmọ burúkú o. Ó fẹ́ràn ilé. Àmọ́ ẹni tó ń fi àárọ̀ kàwé, tó ń fi ọ̀sán káṣọ, ibi tó bá fìdí lé báyìí, oorun ni. Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kó máa pe ilé, ìgbà míì sì rèé, ọ̀sẹ̀ á ti di méjì kó tó rántí. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ránṣọ, kì í bínú. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, "A ní bóyá o ti rì sínú ìwé ni." Ọ̀rọ̀ náà á sì dùn ún wọ egungun.

Ló bá dọ́gbọ́n sí i. Ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan sínú fóònù, ó sì pàṣẹ fún un pé kó máa fúnra rẹ̀ lọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé: "Ìyá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Akọ̀wé yín ni. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ṣé aṣọ ò pọ̀ jù lọ́rùn yín? Ọ̀la ni màá pè. Ṣé aago mẹ́rin ló rọ̀ yín lọ́rùn ni, àbí márùn-ún? Tí kò bá rọgbọ, ẹ kọ 'rárá', mi ò ní bínú." Kò jẹ́ kó gùn, torí ọ̀rọ̀ gígùn ń fẹ́ èsì gígùn, ẹni tó sì ń wá èsì gígùn á ní òun ń bọ̀ wá dá a lóhùn, ó parí nìyẹn. Ìbéèrè tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn ló fi sí i. Bí ìyá bá ti mú aago kan, kò sí bí òun náà ṣe máa sá mọ́.

Ó kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Aago ìlú tó wà ló fi ṣètò rẹ̀. Nígbà tí òtútù dé, tí àwọn ará ibẹ̀ dá aago wọn padà sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń dé ilé ní aago méje wá ń dé ní mẹ́jọ, tí àwọn òbí rẹ̀ ti fẹ́ sùn. Ló bá yí i sí aago ilé, ó sì dúró síbẹ̀. Ó tún kọ èkejì, kí wọ́n máa gba ipò ara wọn láti Sátidé kan sí èkejì, kó má dà bí ìkéde. Nígbà tí àìsàn dé bá bàbá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ rédíò títúnṣe, ó kọ ẹ̀kẹta, ó ṣètò tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó máa lọ ní Sátidé kẹta tó bá tẹ̀ lé méjèèjì. Ìbéèrè inú rẹ̀ ni: "Ṣé Bàbá ti lo oògùn alẹ́ wọn?"

Bàbá lo oògùn títí, wọ́n sì papòdà.

Akọ̀wé ò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀ fún ìsọdọ̀tun. Tó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú bàbá rẹ̀, àwòrán sì dákú níbi tí wọ́n ti ń gbé pósí sọ̀kalẹ̀. Kò rí i kó kan ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ń rìn lọ láàárín aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́, ó máa ń ṣe é bíi pé pósí náà ṣì wà lófuurufú níbì kan, tó ń dúró dè é.

Ó dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà dúró fúngbà díẹ̀. Kó tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ padà, ó yọ orúkọ bàbá kúrò nínú èkíní àti èkejì. Èkíní lọ, ìyá dáhùn: "Rárá." Èkejì lọ, "rárá" kan náà. Tó bá fipá pè, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, wọ́n á sì gé e. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Akọ̀wé pé bàbá nìkan kọ́ lòun pàdánù, pé ìyá náà ti ń yọ́ lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, òun àti obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ di etí aṣọ ibùsùn kan mú, wọ́n ń ká a. Fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ni, tó máa ń gbà tó wákàtí kan kí wọ́n tó dáhùn.

"Wọ́n ti lò ó. Wọ́n jẹun dáadáa lónìí. Wọ́n ti sùn."

Orí Akọ̀wé wú. Ta ló lò ó? Ta ló jẹun? Ó wo òkè èsì náà, ó rí ohun tí fóònù òun ti fi ránṣẹ́: ẹ̀kẹta, èyí tó ṣètò lọ́tọ̀, tó gbàgbé pátápátá. Fóònù òun ti ń béèrè òkú. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

"Kí lo rí?" obìnrin náà bi í. "Ojú ẹ funfun."

"Ìyá mi ni," ó fèsì, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó pè wọ́n. Ó dá a lójú pé orí ìyá òun ti dàrú.

Wọ́n gbé e kíá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo béèrè. Fóònù ló ń dá a fi ránṣẹ́."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "O rò pé mi ò mọ̀? Ìwọ tí wọ́n ń nà nítorí pípẹ́ dé ilé ìwé, ìwọ lo wá ń kí mi laago méje géérégé? Bàbá ẹ ló kọ́kọ́ fura. Tó bá ti ku díẹ̀ kó tó méje, wọ́n á pa rédíò, wọ́n á ní, 'Ẹ̀rọ Akọ̀wé ń bọ̀ wá kí wa.' Wọ́n á sì jókòó dè é."

Akọ̀wé fi ẹ̀yìn ti ògiri. Omijé ti dé.

"Kí ló dé tí ẹ wá dáhùn bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó ń wọlé ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò sẹ́ni tó béèrè bàbá ẹ mọ́. Wọ́n á dórí orúkọ wọn, wọ́n á fò ó. Ìwọ náà fò ó, nínú méjèèjì tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mo wá rí ìbéèrè yẹn lónìí, inú mi dùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dáhùn. Má yọ ọ́ o. Àmọ́ ọwọ́ ẹ ni kó o fi kọ ọ́."

Akọ̀wé pa ètò náà rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sátidé tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ pọ̀, méje ilé ti kọjá dáadáa kó tó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, tó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi, Akọ̀wé ni. Ṣé Bàbá ti lo oògùn wọn?"

Èsì dé.

"O pẹ́. Wọ́n dúró títí, wọ́n ti sùn. Pè mí."