Àgúnmu Orókún

Orókún ló ń da ìyá mi láàmú. Wáyà ni wọ́n ń tà ní Àlàbá, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin kan ní Ajangbadi ta àgúnmu fún wọn. Wọ́n fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Mo dúpẹ́, mo tún jó.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú wọn wú róbótó, ó ń dán. Ọkùnrin Igbo tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ń kí wọn pé, "Mama, you don fresh o!" Inú wọn ń dùn. Èmi ò lè wò wọ́n lójú. Ẹran yọ sẹ́yìn ọrùn wọn, apá àti ẹsẹ̀ wọn wá tín-ín-rín. Bí mo bá di ọwọ́ wọn mú, ojú ibẹ̀ á dúdú. Ohùn ìyá mi ń jáde lẹ́nu ẹni tí mi ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Lọ́jọ́ tí mo wá kí wọn láti Ìbà, mo da gbogbo àgúnmu náà tí wọ́n ṣì ń mu sí gọ́tà, torí òun ni mo fura sí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ń bì, wọn ò lè dìde, ara wọn tutù. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Okokomaiko. Dókítà wo ojú wọn, kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n, ó ní: "Ilà pupa gbọọrọ-gbọọrọ wà níkùn màmá, àbí?"

Mo ṣí aṣọ wọn. Ó wà níbẹ̀. 

Mo sọ̀rọ̀ àgúnmu. Ó mi orí. "Àwọn kan máa ń lọ oògùn òyìnbó bíi dexa tàbí prednisolone mọ́ ọn. Oògùn gidi ni, a ń lò ó fún asímà àti oríkèé tó wú. Ṣùgbọ́n ara fúnra ẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀, lórí kíndìnrín. Tó bá ti ń rí i gbà láti ìta fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ á sùn, kò ní ṣe é mọ́. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń dín in kù, kí ibẹ̀ lè jí. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè kú. Ta ló dá a dúró?"

Mo fa aṣọ bo ikùn ìyá mi padà.

Dókítà gún wọn ní abẹ́rẹ́ irú oògùn náà níṣan, ó sì fa omi sí wọn lára. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá mi lajú, wọ́n fà mí mọ́ra. "Mo rí ẹ láti ojú fèrèsé, nígbà tí ò ń dà á nù. Mo ní ọmọ mi ò ní ṣe mí níbi." Mo sunkún bí ọmọdé.

A padà sílé pẹ̀lú prednisolone tí a máa dín kù fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gbé oògùn náà fún wọn pẹ̀lú omi. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́."

Wọ́n ti gbé e mì.