Ìyá Mélòó àti Ọ̀ọ́dúnrún Àpò

Ẹni tó bá pe "gbogbo" níwájú obìnrin yìí ti dá ọ̀ràn. Kò ní bá a jà. Á kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Mélòó lo rí? Níbo lo ti rí i?" Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Mélòó. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́.

Àgbàdo ló ń yẹ̀ wò, ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo di ìyẹ̀fun ọmọdé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé, òun ló máa sọ bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dá a padà. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju irin ṣóńṣó kan lọ. Gígùn rẹ̀ tó apá, inú rẹ̀ ṣófo, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bó bá gún un bọ inú àpò, àgbàdo á ṣàn wọnú ihò yẹn. Bó bá fà á jáde, á dà á sórí àwo funfun, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gún àpò kan: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tà mọ̀ pé òkè ni wọ́n máa wò, òkè ló sì máa ń tún ṣe.

Ojú rẹ̀ ò kúkú là lọ́jọ́ kan. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ kan dé, ó gún àpò mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dára bí àgbàdo inú àwòrán. Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé. Kò fiyè sí i pé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wá, àti pé oníṣòwò tó ni ẹrù náà ló to àwọn tó dára síbẹ̀. Kòkòrò ti lu ìyókù di ìyẹ̀fun kó tó dé ilé ọlọ. Kí oṣù tó parí, kòkòrò náà ti ran àgbàdo àwọn ẹlòmíì.

Àgbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, Baba Sítọ́ọ̀, kò bú u. Ó kàn bi í pé, "Mélòó lo rí?"

"Mẹ́wàá, bàbá."

"Irọ́ ni. Ọ̀kan lo rí. Ẹni mẹ́wàá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí o bá bi wọ́n bí òjò ṣe rọ̀ tó, ohùn kan ni wọ́n máa fi dá ọ lóhùn."

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Dírẹ́bà ọ̀nà jíjìn ni, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń wálé. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé gbogbo ìgbà tóun bá dé ni ìyàwó òun máa ń sùn.

"Ìgbà mélòó lo dé?"

"Ó tó ogójì lọ́dún yìí."

"Ogójì ọjọ́ Àìkú," ni obìnrin náà wí, ó sì yí ojú sí ògiri. "Wálé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan kí o wò mí."

Ọkọ náà rẹ́rìn-ín títí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mélòó.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mánẹ́jà tuntun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ tó kàwé ni, ara rẹ̀ yá, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìkánjú ló bá a jà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, ọkọ̀ kan gbé ọ̀ọ́dúnrún àpò dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa kó àgbàdo wá. Alága ẹgbẹ́ náà, bàbá arúgbó kan, jókòó ti dírẹ́bà wá fúnra rẹ̀. Òun ló lọ ilé ogójì àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tà á ní ìtàkútà mọ́, kí wọ́n pa á pọ̀. Òfin ilé ìkẹ́rùsí náà sì le: ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó di ọdún méjì kó tó tún lè wá.

Nígbà tí Ìyá Mélòó fi máa dé, mánẹ́jà ti ń nu ọwọ́.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ yín wá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ẹ̀ ló ti bu."

Àwọn alábàárù wo ara wọn. Ó ti pe ọ̀rọ̀ náà.

"Mélòó lẹ rí, ọ̀gá?"

"Márùn-ún. Nínú márùn-ún, kò sí ẹyọ kan tó yè. Ẹ wo irun aláwọ̀ ewé lára ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ ká fi èyí bọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Rárá, sà. Irú ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́. Níbo lẹ ti rí i?"

Mánẹ́jà nàka sí ẹnu ẹ̀yìn ọkọ̀. "Níbẹ̀ náà ni. Ibo tún ni? Àbí kí n gun orí ọkọ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alábàárù kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Ìyá Mélòó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé etí tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù sókè. Okùn rẹ̀ ti já níbẹ̀, omi ṣì ń kán. "Ọ̀gá, ibi tí òjò ti wọlé lẹ ti mú márààrún. Mo gbà pé àwọn márùn-ún yìí bu. Ti igba ó lé márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Alága ti dìde. "Ọlọ́run á bù kún ọ, ìyá. Wá, jẹ́ n fi èyí tó dáa hàn ọ́. Àwọn tó wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn orí dírẹ́bà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán ẹnu wọn."

"Ẹ ṣé, bàbá. Mi ò ní gún wọn."

"Kí ló dé?"

"Torí ẹ̀yin lẹ yàn wọ́n. Ọ̀gá mú èyí tó sún mọ́ ọn, ẹ̀yin náà fẹ́ mú èyí tó dá yín lójú. Ta ló wá fẹ́ mú èyí tó wà láàárín?"

Bàbá arúgbó náà jókòó padà, inú rẹ̀ ò dùn. Ìyá Mélòó ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí wọ́n já ẹrù náà sábẹ́ páànù ìta, kó má wọ ilé ìkẹ́rùsí, kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára àpò bó bá ṣe ń bọ́ sílẹ̀, láti orí ení dórí ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn alábàárù kùn. Ó ya bébà sí wẹ́wẹ́ mẹ́wàá, ó kọ ọ̀kan dé ẹ̀wá sí i, ó yá fìlà Alága, ó dà wọ́n sínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má wò ó."

"Kí nìyí fún?"

"Fìlà ò mọ̀ yín, kò mọ bàbá, kò mọ èmi náà."

Eéje ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àpò keje, ìkẹtàdínlógún, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ń fo mẹ́wàá-mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lọ títí ọkọ̀ fi ṣófo. Ọgbọ̀n àpò, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà bá bá ló ń gún, ì báà rẹwà, ì báà dọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀kan ni alábàárù kan gbé èyí tó fúyẹ́ jù sí i níwájú dípò èyí tí nọ́ńbà bá. Ó ní kó gbé e padà.

Mẹ́ta bu nínú ọgbọ̀n: ìkeje, ìkẹtàdínlógún, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ìkankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Alága dìde. "Ẹ ṣáà rí i. Gbogbo ìyókù ló dáa."

"Mélòó lẹ rí, bàbá?"

Ẹ̀rín pa mánẹ́jà, kò mọ ìgbà tó rín in.

"Ogójì tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ibi tí òjò wọ̀ nìyẹn," ni Ìyá Mélòó wí. "N ò ní fi mẹ́rin ṣe ìdájọ́ wọn, màá gún wọn tán pátápátá. Ọ̀tàlérúgba tó kù, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo gún nínú wọn. Wọ́n dáa, àmọ́ wọn ò tíì tó. Tí ọ̀kan bá bu nínú ogún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lè má kàn án. Ẹ mú bébà míì."

Ó gún ogójì náà tán. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n bu. Ó pa wọ́n tì lápá kan. Mánẹ́jà mú èjì nínú fìlà, Ìyá Mélòó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejìlélógójì, ó tún ń fo mẹ́wàá-mẹ́wàá. Oòrùn ti ga. Alága ń fi ìka ka àpò sí orúnkún rẹ̀.

Nígbà tó kan ìkejìlélọ́gọ́sàn-án, ó da àgbàdo sórí àwo, kò sì gbé e kúrò níwájú ara rẹ̀. Ó ti bu.

Alága bo ojú.

Ìyá Mélòó bi dírẹ́bà pé apá ibo ni àpò yẹn wà nínú ọkọ̀. Apá òsì ni. Wọ́n na tapólì sílẹ̀: ẹ̀ka igi ti fà á ya níbẹ̀, ihò náà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó gún àwọn tó yí àpò náà ká nínú ọkọ̀, ó rí méjì sí i tó bu. Lẹ́yìn ìyẹn ó parí èyí tó kù lórí nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n dáa.

"Ó tán," ló wí. "Ọ̀kan péré ni nọ́ńbà bá nínú méjìléláàádọ́ta, a sì rí ọ̀nà tó gbà wọlé. Ẹ dá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n padà, ẹ gba ìyókù."

"Ṣé ẹ lè búra pé kò sí ẹyọ kan tó bu níbẹ̀ mọ́?" ni mánẹ́jà bi í. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mi ò lè búra. Mi ò sọ pé kò sí. Mo ní tó bá wà, kò lè pọ̀. Ẹ tò ó sọ́tọ̀, ká tún yẹ àpò kọ̀ọ̀kan wò bí wọ́n bá ń tú u sí ilé ọlọ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ìwé, ẹ má fi kún un."

Mánẹ́jà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Ọkọ̀ Alága kò di ọkọ̀ tí wọ́n dá padà. Bàbá náà gba fìlà rẹ̀, ó gbọn bébà inú rẹ̀ dànù, ó dé e. Ó ní, "O ò jẹ́ gún èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán."

"Nọ́ńbà bá ọ̀kan nínú wọn, bàbá. Ó dáa gan-an ni."

Mánẹ́jà bá a rìn dé ibi ẹ̀rọ omi tó ti ń fọ abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé gbogbo obìnrin tó ti pẹ́ nílé iṣẹ́ yìí ló lágídí."

Mánẹ́jà kò tíì sọ ọ́ tán tó fi gbé ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀.

"Ọ̀kan ni mo rí," ló wí. "Níbi ẹ̀rọ omi."

Ìyá Mélòó gbọn omi dànù lára abẹ́rẹ́, ó nà án sí i. "Ọkọ̀ kejì ti dé ẹnu géètì," ló wí. "Ẹ lọ wá fìlà."