Dìgírì Tí Mo Fi Pamọ́

Mo ti gba dìgírì, mo sì ń wá iṣẹ́ ìròyìn. Ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba kan ní Àkúrẹ́, wọ́n ní àyè oníròyìn kò sí, àfi ti atẹ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ìròyìn, ìwé mẹ́wàá ti girama nìkan ni wọ́n sì ń béèrè fún un. Mo fẹ́ dúró de ipò tó yẹ mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Oǹdó ní, "Wọlé ná. Tó o bá ti wà nínú wọn, wọ́n á rí ọ."

Mo fi dìgírì pamọ́, mo fi ìwé mẹ́wàá wọlé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tẹ ìròyìn tí ẹlòmíì ń kà.

Nígbà tí àyè oníròyìn ṣí, mo gbé dìgírì náà lọ fún ìyá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó wo ọdún tó wà lára rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"O ti ní èyí kó o tó wọlé, o sì fi pamọ́ fún wa. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ ìjọba, a ò lè lò ó mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi."

"Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni wọ́n gbà. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.