Ìwé Bàbá Ìdrís àti Oorun Àlàájà

Bàbá Ìdrís Ògúnwálé, onílé mi ní Ilare, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ní kúkúrú. Bí o bá kí i ní ẹ káàárọ̀, kó tó dáhùn tán, oòrùn ti mú. Awakọ̀ ni ní yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì dá mi lójú pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé kiri ló bà á jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ fún: Àlàájà Khàdíjàh, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àlàájà kò mọ̀wé kà, nítorí náà Bàbá fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ kà á sí i létí, kó lè gbọ́ ọpẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n tí Àlàájà bá ti kírun Alásárì tán, tó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun ti dé nìyẹn.

Bàbá kà, Àlàájà sùn. Wọn ò tíì bí Bàbá gan-an nínú ìwé náà, bàbá bàbá rẹ̀ ṣì ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, níbi tó ti ń fi mọ́tò gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sí Kánò. Àlàájà hanrun. Ni Bàbá bá kó gbogbo rẹ̀ wá bá mi.

"Fisáyọ̀mi, ẹ̀gbọ́n mi ń sùn mọ́ mi lẹ́nu."

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa tún ìwé àwọn ènìyàn ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀. Mo ka ti Bàbá. Kí n má purọ́, èmi náà sùn.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí gan-an lẹ fẹ́ kí Àlàájà gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan."

Ó họ orí títí. "Kó mọ̀ pé òun ló sọ mí di ènìyàn."

A tẹ́ àwọn ìwé náà sórí ẹní. Mo ní ojú ewé tí Àlàájà kò bá sí níbẹ̀, kó lọ. Bàbá jà! Ó bẹ̀bẹ̀ fún mọ́tò tó dákú sọ́nà Lọ́kọ́ja.

"Ṣé Àlàájà wà nínú mọ́tò náà?"

"Rárá."

"Ó lọ nìyẹn."

"Ọmọ yìí, o rorò o!"

Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé a ò ní sun wọ́n, inú páálí ni wọ́n ń lọ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á kà wọ́n tó bá yá. Ohun tó kù fún wa kò ju mẹ́rin lọ: bàtà tí Àlàájà rà fún Bàbá, oúnjẹ tó sè níbi ìgbéyàwó rẹ̀, bó ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tí Bàbá ṣàìsàn, àti ọ̀rọ̀ kan nípa ilé ìwé tí Bàbá fi ìlà díẹ̀ kọ bí àwàdà.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà nìyí: Ìdrís kékeré sá kúrò ní kíláàsì kìíní nítorí pàṣán, ó sì ń fara pa mọ́ sínú oko obì. Kí bàbá wọn má baà gbọ́, Khàdíjàh, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí nítorí iná orí, wọ ṣòkòtò àbúrò rẹ̀, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Lálaalẹ́ ló ń kọ́ Ìdrís ní ohun tó kọ́, títí ojú fi ti Ìdrís, tó sì padà sílé ìwé. Khàdíjàh padà sídìí àkàrà ìyá wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n tó bá dáa lè ra bàtà, ó lè se oúnjẹ, ó lè tọ́jú aláìsàn. Èyí nìkan ni kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ yọ mẹ́ta tó kù."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán nìyẹn!" Ṣùgbọ́n ó yọ wọ́n, ó sì fi àlàyé kún àwọn ìlà náà títí wọ́n fi di ojú ewé méjì.

Ní ọjọ́ tó kà á, ojú Àlàájà ti ń lọ kí Bàbá tó dé ibi ṣòkòtò. Bó ṣe gbọ́ ṣòkòtò, ó lajú. Ó jókòó dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ jó.

Àlàájà ní, "Ìdrís, ṣé o rò pé tísà ò mọ̀ ni?"

Bàbá gbójú sókè.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó ní kí n wá síwájú, kí n lè rí pátákó. Nígbà tó gbọ́ pé o fẹ́ padà, ó ní kí n sọ fún ọ pé kó o dúró sílé díẹ̀ sí i, kí n lè mọ ìwé kà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sọ fún mi."

"Mi ò jíṣẹ́ ẹ̀. Ìwọ ni wọ́n forúkọ ẹ sílẹ̀." Ó tún ìborùn rẹ̀ fi. "Ka ibi ṣòkòtò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá gbé ìwé náà sókè, ó wò ó, ó sì nà án sí mi. Èmi ni mo gbà á, tí mo kà á fún wọn.